Kí A Tó Bèèrè Pé Ibo Nìyí: Bí A Ṣe Ń Yẹ Fọ́tò Wò

Ní oṣù Keje tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Dublin fi fọ́tò ilé kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù. Bọ́ńgálò ni ilé náà, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ kírímù, géètì rẹ̀ dúdú, àpáta Olúmọ yọ lẹ́yìn páànù rẹ̀, pátákó kékeré kan sì wà lára fẹ́ńsì tí wọ́n kọ ÌKÌJÀ, orúkọ àdúgbò kan nílùú Abẹ́òkúta, sí. Ẹni tó fẹ́ tà á fún un sọ pé agogo 9 àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an lòun yà á. "Àbúrò mi, jọ̀wọ́ bá mi débẹ̀ kó o wò ó." Mo ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà mi kí n tó tún fọ́tò náà wò lẹ́ẹ̀kejì. Bí mo ṣe jókòó padà nìyẹn.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mo ń ṣe ní Pánṣẹ́kẹ́, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ láti fura. Ohun méjì péré ló ń sọ pé Ìkìjà nìyí: àpáta àti pátákó. Àwọn méjèèjì náà sì ni ẹni tó bá fẹ́ kí á gbà pé Ìkìjà ni yóò kọ́kọ́ fi síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tan ọmọ Ẹ̀gbá tó wà lókè òkun jẹ, kí ni ì bá tún fi hàn án ju Olúmọ lọ?

Nítorí náà, kí a tó bèèrè pé ibo nìyí, ìbéèrè mìíràn ló ṣíwájú: irú fọ́tò wo nìyí? Oríṣi mẹ́ta ló máa ń tan ènìyàn, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ṣe ń ba àmì ibi jẹ́ yàtọ̀. Èyí tí wọ́n tò, ibẹ̀ wà lóòótọ́, àmọ́ ohun tó wà níbẹ̀ ni wọ́n gbé wá. Èyí tí wọ́n ẹ̀dítì, apá kan rẹ̀ ti ibì kan wá, apá kejì ti ibòmíràn wá. Èyí tí kọ̀ǹpútà yà, kò síbi tó ti wá rárá. Bí mo ṣe tẹ̀ lé e lórí fọ́tò ilé yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: gba fáìlì gangan

Fọ́tò tí a bá fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù lọ́nà tí gbogbo ayé ń gbà fi í ránṣẹ́ ti dín kù kó tó dé ọwọ́ wa. Wásáàpù máa ń fún un pọ̀ kó lè fúyẹ́, á sì yọ àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ dànù: irú fóònù tó yà á, ọjọ́ àti wákàtí, àti ibi tí fóònù wà bí ẹni tó ni ín bá ṣí ìyẹn sílẹ̀. Lórí Áńdíróìdì, orúkọ tí ẹ máa rí yóò dà bí `IMG-20240711-WA0023.jpg`. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ọjọ́ inú orúkọ yìí jẹ́rìí pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n ya fọ́tò náà. Irọ́ ni. Ọjọ́ tí ó gba orí Wásáàpù kọjá ni. Fọ́tò ọdún 2009 tó bá wọ fóònù yín lónìí, ọjọ́ òní ni yóò gbé.

Ẹ ní kí ẹni náà lọ sí ibi tí a ti ń fi ìwé ránṣẹ́, èyí tí wọ́n kọ `Document` sí, kó mú fọ́tò náà níbẹ̀. Báyìí ni fáìlì á dé láìyẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ kan wà fún kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ ExifTool. Àṣẹ méjì péré ni mo máa ń lò nínú rẹ̀:

```
exiftool -a -G1 -s foto.jpg
exiftool -b -ThumbnailImage foto.jpg > kekere.jpg
```

Ti àkọ́kọ́ máa tú gbogbo àkọsílẹ̀ síta. Ẹ wá `DateTimeOriginal`, ìyẹn ìgbà tí wọ́n tẹ kámẹ́rà. Ẹ wo `OffsetTimeOriginal` bó bá wà níbẹ̀, torí fóònù tó bá ń tẹ̀ lé aago Nàìjíríà yóò kọ `+01:00`. Ẹ wo `Software`, níbi tí áàpù tí wọ́n fi ẹ̀dítì máa ń fi orúkọ ara rẹ̀ sí. Àṣẹ kejì máa yọ àwòrán kékeré kan jáde, èyí tí kámẹ́rà máa ń tọ́jú pamọ́ sínú fáìlì. Nígbà mìíràn ẹni tó ẹ̀dítì fọ́tò ńlá kì í rántí pé kékeré wà, ẹ ó sì rí i bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, àmọ́ lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ má ṣe gbára lé àkọsílẹ̀ yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Bí kò bá sí rárá, ìyẹn kò sọ ẹnikẹ́ni di ẹlẹ́tàn, ó lè jẹ́ Wásáàpù ló gbà á. Bó bá sì pé pérépéré, ẹni tó mọ ExifTool lè fi ẹ̀rọ kan náà kọ ohun tó wù ú sínú rẹ̀. Ohun tó wúlò ni kí ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ta kora, tàbí ó ta ko ohun tí ẹni náà fẹnu sọ.

Ọjọ́ kejì kí ẹni tó ń ta ilé yìí tó fi fáìlì ránṣẹ́. Kò sí orúkọ fóònù, kò sí `DateTimeOriginal`, orúkọ áàpù ẹ̀dítì kan ló dá wà lójú `Software`. Ẹni tó kàn kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sórí fọ́tò náà á ní irú èyí, nítorí náà n kò tíì dá a lẹ́bi.

Ìgbésẹ̀ kejì: bá òjìji sọ̀rọ̀

Ibí yìí ni mo ti máa ń pẹ́ jù, nítorí pé ẹni tó ń lẹ fọ́tò pọ̀ máa ń rántí ilé, á rántí òkè, àmọ́ oòrùn kì í sí lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ àṣìṣe tí gbogbo ènìyàn ń ṣe. Wọ́n á rí òjìji méjì tó dojú kọ ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á ní "ayédèrú ni!" Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ojú kámẹ́rà ṣe ń rí ọ̀nà tó ń jìnnà, àti bí ilẹ̀ ṣe ga tó sì rẹlẹ̀, lè mú kí òjìji òpó méjì tó wà lábẹ́ oòrùn kan náà yà lọ síbi tó yàtọ̀. Ní Abẹ́òkúta wa yìí tí ilẹ̀ kì í ti í tẹ́jú, ojoojúmọ́ la ń rí i.

Ọ̀nà tó dájú ni èyí. Ẹ wá ibi tó hàn kedere lára nǹkan kan, bí orí òpó géètì, kí ẹ sì wá ibi kan náà gan-an lára òjìji rẹ̀. Ẹ fa ìlà tààrà láti orí òjìji kọjá orí òpó náà, kí ẹ jẹ́ kó máa lọ, kódà bó bá kọjá etí fọ́tò. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún igun páànù, fún orí ènìyàn, fún ohunkóhun tó bá ní òjìji. Bí oòrùn kan ṣoṣo bá tàn sí gbogbo wọn, gbogbo ìlà yẹn máa pàdé lójú kan náà, àfi bí wọ́n bá ń lọ ní ìbádọ́gba láìpàdé rárá. Bí ìlà mẹ́rin bá pàdé, tí ìkarùn-ún sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, ohun tó ni ìkarùn-ún yẹn ni wọ́n gbé wá. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn ẹni tó ya fọ́tò, abẹ́ ilẹ̀ ni ìlà á ti pàdé, dípò ojú ọ̀run: láti orí òpó ni ẹ ó ti fà á, kó gba orí òjìji kọjá.

Lára fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi, òpó géètì méjèèjì, igun páànù àti irin tó gbé táǹkì omi dúró bára wọn mu, ìlà wọn pàdé. Ìyẹn ni pé ilé náà jẹ́ fọ́tò tòótọ́. Àpáta kò ní òjìji tó hàn nílẹ̀, àmọ́ ó ní ẹ̀gbẹ́ tó mọ́lẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ tó ṣú. Ọwọ́ òsì ni oòrùn ti ń tàn sí ilé. Èjìká ọ̀tún àpáta ló ń dán.

Ó ku ọ̀rọ̀ wákàtí. Ní Abẹ́òkúta, ọ̀sán gangan, ìyẹn ìgbà tí oòrùn ga jù, kì í bọ́ sí agogo 12. Aago tí Nàìjíríà ń lò bá ibi tó jìnnà sí wa lápá ìlà-oòrùn mu, nítorí náà nǹkan bí agogo 12 kọjá ìṣẹ́jú 47 ni ọ̀sán wa ń pé; ó máa ń yẹ̀ bí ìṣẹ́jú 15 síwá sẹ́yìn láàárín ọdún. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán wà lápá àríwá wa, òjìji á sì bọ́ sí gúúsù. Láwọn oṣù tó kù, òdìkejì ni. Fún agogo 9 àárọ̀ nínú oṣù Keje, oòrùn kò tíì gòkè púpọ̀, òjìji òpó tó bá dúró lórí ilẹ̀ tẹ́jú á gùn tó òpó náà lẹ́ẹ̀kan àti ààbọ̀. Ẹ lè wò ó fún ọjọ́ tó bá wù yín lórí suncalc.org. Ti géètì yìí bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kedere lórí kọnkéré tó tẹ́, kò tó ìdajì òpó. Bó bá jẹ́ pé Abẹ́òkúta ni lóòótọ́, nínú oṣù Keje, agogo 11 ti kọjá kí wọ́n tó yà á. Irọ́ àkọ́kọ́ tó dájú nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: wá a lórí ayélujára, kí ẹ sì yí i padà

Google Lens, TinEye àti Yandex ni mo máa ń lò, torí ohun tí ọ̀kan kò rí, òmíràn lè rí i. TinEye dára nítorí pé ó lè to èsì láti orí èyí tó pẹ́ jù, ẹ̀yin sì ń wá ìgbà àkọ́kọ́ tí fọ́tò náà jáde. Ẹ kọ́kọ́ fi odindi wá a. Lẹ́yìn náà, ẹ gé e sí apá-apá: ilé lọ́tọ̀, àpáta lọ́tọ̀, pátákó lọ́tọ̀. Ẹ̀rọ tó bá rí odindi máa ń tẹjú mọ́ ohun tó tóbi jù, á sì fo ohun tí ẹ ń wá.

Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe ni kí wọ́n yí fọ́tò náà padà bí ìgbà tí a wò ó nínú dígí, kí ọ̀tún di òsì, kí wọ́n tó tún wá a. Ẹni tó jí fọ́tò mọ̀ pé yíyí yìí lè tan ẹ̀rọ. Odindi fọ́tò yẹn kò mú nǹkan kan wá. Àpáta nìkan mú ẹgbẹ̀lẹ́mùkù fọ́tò Olúmọ wá, kò sí èyí tó jọ ọ́ nínú wọn. Mo yí i padà. Ó jáde lójú ẹsẹ̀: fọ́tò arìnrìn-àjò kan, àwọsánmà kan náà, ẹyẹ kan náà lójú ọ̀run, ọdún púpọ̀ ṣáájú ìgbà tí wọ́n fi ilé lọ ẹ̀gbọ́n mi. Ìdí nìyí tí èjìká ọ̀tún fi ń dán. Nínú fọ́tò ti àkọ́kọ́, òsì ni ìmọ́lẹ̀ wà.

Ẹni tó bá mọ Olúmọ dáadáa ì bá ti fura láìlo ẹ̀rọ. Àpáta náà ní ibi tí àtẹ̀gùn gbà, ó ní ibi tí líìfìtì dúró sí. Bí ó bá dà bíi pé wọ́n pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́, ẹ yí fóònù yín sí dígí.

Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ló yà á ńkọ́?

Fọ́tò ti ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe irú èyí, àmọ́ ó ti pọ̀ nígboro, ó yẹ kí n sọ ọ́. Ẹ fi wíwá ìka mẹ́fà lọ́wọ́ ènìyàn inú àwòrán sílẹ̀, ó ti di ọ̀rọ̀ àná. Ohun tó ṣì ń tú wọn fó ni ohun tí kò ṣe pàtàkì nínú àwòrán. Pátákó ńlá iwájú lè tọ̀nà. Ẹ wo ìkejì àti ìkẹta lẹ́yìn. Àwọn oníṣẹ́ pátákó wa náà máa ń ṣi ọ̀rọ̀ kọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà ni wọ́n ń kọ. Ti kọ̀ǹpútà máa ń jẹ́ ohun tó jọ lẹ́tà tí kì í ṣe lẹ́tà kankan. Ẹ tẹ̀ lé wáyà iná láti òpó sí òpó, kí ẹ wò ó bóyá ó dé ibì kan. Ẹ ka páànù tó wà lẹ́yìn. Bí fèrèsé ilé mẹ́ta bá jọra bí ìbẹta, ẹ dúró.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, fọ́tò kan tàn ká pé nǹkan bú gbàù lẹ́bàá Pẹ́ńtágọ̀n ní Amẹ́ríkà, ọjà ìpín ìdókòwò sì wálẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Irin ọgbà iwájú yọ́ wọnú ara wọn, ilé inú fọ́tò náà kò sì bá Pẹ́ńtágọ̀n mu. Pẹ̀lú èyí, ní ibi tí èrò ń wọ́ bí omi, kò sí ẹlòmíràn tó ya ohun tó ṣẹlẹ̀. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ bi ara yín bí ẹnì kan bá fi fọ́tò ilé tó ń jó ní Ìtòkú lọ́jọ́ ọjà hàn yín: ṣé ẹnì kan péré ló ní fóònù níbẹ̀ ni?

Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń fi àmì sínú àwòrán tí ẹ̀rọ wọn bá yà. ExifTool lè fi `trainedAlgorithmicMedia` hàn yín lójú `DigitalSourceType`. Bó bá wà, ó tán. Bí kò bá sí, kò sọ nǹkan kan, torí sìkirínṣọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ti tó láti pa á rẹ́. Àwọn áàpù tó ń sọ pé "ó ṣeé ṣe ní ìdá 87 nínú 100 pé kọ̀ǹpútà ló yà á", n kì í tẹ̀ lé wọn lórí fọ́tò tó ti Wásáàpù bọ̀.

Ohun kan wà níhìn-ín tó ti dójú tì mí rí. Oníbàárà kan gbé fọ́tò kámẹ́rà ojú ọ̀nà wá, nọ́ńbà ọkọ̀ inú rẹ̀ kò hàn. Mo fi áàpù tó ń mú fọ́tò mọ́lẹ̀ ṣe é, nọ́ńbà náà sì jáde rekete, lẹ́tà mẹ́ta, òǹkà mẹ́ta, lẹ́tà méjì. Inú wa dùn. Mo tún un ṣe nírọ̀lẹ́, lẹ́tà kan àti òǹkà kan yàtọ̀. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà rí nọ́ńbà. Ó mọ bí nọ́ńbà ọkọ̀ Nàìjíríà ṣe máa ń rí ni, ó sì yà á síbẹ̀. Fọ́tò tòótọ́ ni, ọkọ̀ tòótọ́ ni, àmì inú rẹ̀ ló jẹ́ àfọwọ́dá. Láti ọjọ́ náà, bí pátákó tàbí nọ́ńbà bá mọ́ ju ohun tó yí i ká lọ, mo máa ń béèrè èyí tó ṣú, ìyẹn èyí tí wọn kò tíì fi áàpù ṣe.

Èyí tí wọ́n tò

Èyí ló le jù, nítorí pé kò sí ẹ̀rọ tó lè mú un. Lọ́dún 1855, Roger Fenton ya ojú ọ̀nà kan lójú ogun ní Kiriméà lẹ́ẹ̀mejì, láti ojú kan náà. Nínú ọ̀kan, ọta ìbọn ńlá kún ojú títì. Nínú ìkejì, kò sí wọn lójú títì. Èwo ló ṣáájú? Àwọn òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ló jẹ́rìí: nínú èyí tí ọta wà lójú títì, àwọn òkúta náà ti yí wálẹ̀ díẹ̀ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òkúta kì í sì í dá yí gòkè. Ìyẹn ni pé èyí tí ojú títì ṣófo ló ṣáájú.

Ẹ̀kọ́ tí mo mú níbẹ̀ fún Abẹ́òkúta ni pé kí n máa wo ohun tí ẹni tó tò ó kò bìkítà fún. Àwọn onífíìmù máa ń ya eré níhìn-ín. Wọ́n á gbé pátákó àgọ́ ọlọ́pàá kọ́ ilé ẹnì kan láàárọ̀, wọ́n á gbé e lọ ní ìrọ̀lẹ́. Pátákó tó ti pẹ́ níbì kan máa ń ní ipata tó ti ṣàn sára ògiri, eruku rẹ̀ á sì bá ti ògiri mu. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá á mọ́ nígbà tí fẹ́ńsì dọ̀tí. Pátákó ÌKÌJÀ yẹn kò ní òjìji lára fẹ́ńsì, kò sì ní ìṣó. Wọn kò tilẹ̀ gbé e wá, wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ ni.

Ohun tó kù

Àpáta ti lọ, pátákó ti lọ. Àṣìṣe kejì tí ènìyàn ń ṣe ni pé, bí wọ́n bá ti rí ayédèrú kan, wọ́n á ju gbogbo fọ́tò náà nù. Apá ilé jẹ́ òótọ́, àmì inú rẹ̀ ṣì lè sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ kan wà nínú ọgbà, ìdí rẹ̀ sì yọ díẹ̀. Nọ́ńbà náà kò ṣeé kà, n kò sì fi ẹ̀rọ mú un mọ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òkè rẹ̀ gùn ju `GATEWAY STATE` tiwa lọ. Ọkọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn lè wà ní Ìkìjà, nítorí náà ohun tí mo lè sọ kò ju èyí lọ: kò sí nǹkan kan nínú apá tó jẹ́ òótọ́ tó sọ pé Abẹ́òkúta nìyí.

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi bèèrè fídíò ojú ẹsẹ̀, kí ọkùnrin tó ń ta ilé náà bẹ̀rẹ̀ láti ojú títì ńlá, kó máa rìn lọ sí géètì láìdá fídíò dúró, kó sì yí kámẹ́rà ká nígbà tó bá débẹ̀. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára ní Ìkìjà. Ní agogo 6 ìrọ̀lẹ́ ó fi fọ́tò tuntun ránṣẹ́, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ yà á. Ọ̀run ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú nínú rẹ̀, géètì ti ṣí sílẹ̀. Ẹyẹ ọjọ́sí ṣì wà lókè àpáta, ojú kan náà.